Àṣẹ́kù oṣù tó kọjá: bí a ṣe ń ṣírò iye owó ègé ọṣẹ kan nígbà tí iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ kí oṣù tó bẹ̀rẹ̀

Lọ́jọ́ tí oṣù Kẹjọ parí, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ọṣẹ kan ní Múṣin da ọṣẹ sínú àpótí onígi kí wọ́n tó lọ sílé. Ọṣẹ náà ṣì ń le lọ́wọ́ nígbà tí oṣù Kẹsàn-án wọlé. Bí wọ́n bá gé e, 2,000 ègé ni yóò jáde nínú rẹ̀. Àdín tí wọ́n fi ṣe é, kọ́sítíkì sódà tí wọ́n rà ní ọjà kẹ́míkà Òjọ́ta, owó àwọn tó pò ó àti dísẹ́ẹ̀lì tó gbé jẹnẹrétọ̀, oṣù Kẹjọ ni wọ́n ti ná gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹsàn-án ni ọṣẹ náà máa tó parí, tí ọkọ̀ yóò kó o sọdá afárá lọ bá àwọn tó ń rà á ní páálí-páálí ní Òkè-Àrín.

Èló wá ni wọ́n ná lórí ègé ọṣẹ kan ní oṣù Kẹsàn-án? Bí kò bá sí ọṣẹ kankan nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù, tí gbogbo èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sì parí, pípín lásán ni: ẹ kó gbogbo owó jọ, ẹ fi iye ègé pín in. Ohun tó mú un le ni 2,000 ègé tó ti oṣù tó kọjá wá yìí, pẹ̀lú àwọn mìíràn tí kò ní tíì parí nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá tán. Èmi yóò máa pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àṣẹ́kù. Àṣẹ́kù ìbẹ̀rẹ̀ ni èyí tí a bá nílẹ̀, àṣẹ́kù ìparí sì ni èyí tí a fi sílẹ̀ de oṣù tó ń bọ̀.

Ọ̀nà tí a fẹ́ gbà ni àwọn aṣírò-owó ń pè ní ìpíndọ́gba oníwọ̀n. Ohun tó ṣe ni pé ó da owó àṣẹ́kù ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ mọ́ owó oṣù yìí bí ẹni da omi méjì sínú garawa kan, ó sì fi gbogbo iṣẹ́ tí owó méjèèjì ra pín in. Ẹ di gbólóhùn yẹn mú, torí pé òun ló máa yanjú ohun tó ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti akọ̀wé owó láàmú nínú ìṣirò yìí.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ ka ègé, ẹ má tíì fọwọ́ kan owó

Ẹ lọ sí orí ilẹ̀ iṣẹ́ fúnra yín, ẹ má jókòó sí ọ́fíìsì. Ní ilé iṣẹ́ tí mo ń fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, 2,000 ègé ló wà nílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ 10,000 mìíràn láàárín oṣù. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 12,000. Nígbà tí oṣù parí, 9,000 ti parí pátápátá, wọ́n ti kó o sínú yàrá ìkẹ́rùsí. 3,000 ṣì wà lórí pẹpẹ, wọ́n ti gé e ṣùgbọ́n kò tíì gbẹ.

9,000 àti 3,000 jẹ́ 12,000. Ohun tó wọlé bá ohun tó jáde àti ohun tó kù mu. Bí méjèèjì kò bá bára mu, ẹ má tẹ̀ síwájú. Ó lè jẹ́ pé ègé kan fọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, tàbí kí wọ́n ti kó páálí kan jáde ṣáájú ìwé. Ẹ wá a kàn kó tó di pé owó wọ ọ̀rọ̀ náà, torí àṣìṣe tó bá wọ inú iye ègé kì í tún ṣeé rí mọ́ bí a bá ti fi náírà bò ó.

Ìgbésẹ̀ kejì: ibo ni iṣẹ́ dé lára èyí tí kò tíì parí?

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí a ti dúró pẹ́ díẹ̀, torí ojú ni a fi ń wò ó, kì í ṣe ẹ̀rọ ìṣirò.

Oríṣi owó méjì ló wà lára ọṣẹ kí a tó wé e. Èkíní ni owó èròjà: àdín, epo pupa, sódà, àwọ̀ àti òórùn dídùn. Gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú ìkòkò lọ́jọ́ kìíní. Nítorí náà, ọṣẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú àpótí lónìí ti gba gbogbo èròjà rẹ̀ bí èyí tí wọ́n ti dì sínú páálí. Ní ti èròjà, ó ti parí ní ìdá 100 nínú 100.

Èkejì ni owó tí a fi sọ èròjà yẹn di ọṣẹ: owó òṣìṣẹ́, dísẹ́ẹ̀lì, owó ilé, àtúnṣe irinṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n pè é ní owó ìsọdọṣẹ. Èyí kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Òun ló fi jẹ́ pé a gbọ́dọ̀ ya oríṣi owó méjèèjì sọ́tọ̀ látòkè délẹ̀.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ ibi tí ìsọdọṣẹ dé? Ilé iṣẹ́ yìí ń fi wákàtí òṣìṣẹ́ pín owó ilé àti dísẹ́ẹ̀lì, nítorí náà wákàtí òṣìṣẹ́ ni a máa fi wọn iṣẹ́. Nígbà tí a kọ wákàtí sílẹ̀ fún ìkòkò mélòó kan, a rí i pé pípò àti dídà sínú àpótí ń gba ìdá 40, gígé ń gba ìdá 20, títẹ òǹtẹ̀ àti wíwé rẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù sì ń gba ìdá 40 tó kù. Láàárín gígé àti títẹ òǹtẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ méjì tí ọṣẹ fi ń gbẹ wà. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gùn lójú, ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan kan sí i, nítorí náà kò fi nǹkan kan kún owó.

Àṣìṣe tí mo ti rí jù níbẹ̀ nìyí: ẹni tó ń kọ ìwé wo pẹpẹ, ó rí i pé ọṣẹ ti lo ọjọ́ 11 nínú ọjọ́ 14, ó kọ ìdá 80 sílẹ̀. Ọjọ́ ló kà, kì í ṣe iṣẹ́. Ọṣẹ tí wọ́n ti gé tó wà lórí pẹpẹ, ì báà jẹ́ ọjọ́ kìíní tàbí ọjọ́ kẹtàlá, ìdá 60 ló wà.

Nítorí náà, 3,000 ègé àṣẹ́kù ìparí wà ní ìdá 60 ní ti ìsọdọṣẹ. 2,000 ègé àṣẹ́kù ìbẹ̀rẹ̀ wà nínú àpótí láìtíì gé, ìdá 40 ni wọ́n wà nígbà tí oṣù Kẹjọ parí. Ẹ kọ ìdá 40 yìí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ohun tí a máa fi ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ̀yọ ìdọ́gba

Ègé méjì tí iṣẹ́ dé ìdajì lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba iye iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú ègé kan tó parí. Ohun tí ẹ̀yọ ìdọ́gba túmọ̀ sí kò ju ìyẹn lọ: ègé mélòó tó parí ni iṣẹ́ tí a ti ṣe dọ́gba pẹ̀lú?

Ní ti èròjà, 9,000 tó parí àti 3,000 tó wà lórí pẹpẹ, tí gbogbo wọn ti gba èròjà tán, jẹ́ ẹ̀yọ ìdọ́gba 12,000.

Ní ti ìsọdọṣẹ, 9,000 tó parí jẹ́ 9,000. Ìdá 60 nínú 3,000 jẹ́ 1,800. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 10,800.

Ìdá 40 àṣẹ́kù ìbẹ̀rẹ̀ dà? A kò lò ó. Mo mọ̀ pé ibí yìí ni ọkàn ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kọ̀. Wọ́n á ní, “Ṣebí oṣù Kẹjọ ló ti ṣe ìdá 40 nínú 2,000 yẹn, kí ló dé tí oṣù Kẹsàn-án yóò fi gba gbogbo rẹ̀?” Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú garawa tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Owó tí oṣù Kẹjọ ná sórí ìdá 40 yẹn ń bọ̀ wá wọ inú ìṣirò wa ní ìgbésẹ̀ tó kàn. Bí owó iṣẹ́ kan bá wọlé, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ bá a wọlé. 2,000 yẹn wà nínú 9,000 tó parí, a sì kà wọ́n ní odindi, torí pé odindi owó wọn ni a máa kà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ kó owó jọ, ní oríṣi-oríṣi

Nínú ìwé oṣù Kẹjọ, àṣẹ́kù 2,000 ègé náà gbé ₦656,000 wá. Ẹ má gbé e wọlé báyìí ní odidi. Ẹ ṣí ìwé náà, ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀: ₦560,000 jẹ́ ti èròjà, ₦96,000 jẹ́ ti ìsọdọṣẹ.

Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ná ₦3,160,000 sórí èròjà àti ₦1,308,000 sórí ìsọdọṣẹ.

Èròjà lápapọ̀ jẹ́ ₦3,720,000. Ìsọdọṣẹ lápapọ̀ jẹ́ ₦1,404,000. Gbogbo owó tó wà lọ́rùn wa láti ṣàlàyé jẹ́ ₦5,124,000. Ẹ fa ìlà sábẹ́ iye yìí nínú ìwé yín, òun ni a máa padà sí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ pín in

Èròjà: ₦3,720,000 tí a fi 12,000 pín jẹ́ ₦310.
Ìsọdọṣẹ: ₦1,404,000 tí a fi 10,800 pín jẹ́ ₦130.
Ègé ọṣẹ kan tó parí, láìtíì ka náílọ́ọ̀nù: ₦440.

Bí ẹ bá ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, fọ́múlà kan péré ló tó fún oríṣi owó kọ̀ọ̀kan. Kí B2 jẹ́ owó àṣẹ́kù ìbẹ̀rẹ̀, B3 owó oṣù yìí, B4 iye ègé tó parí, B5 iye ègé àṣẹ́kù ìparí, B6 ìdá tí iṣẹ́ dé lára àṣẹ́kù ìparí:

```
=(B2+B3)/(B4+B5*B6)
```

Ẹ lo òpó B fún èròjà pẹ̀lú 100% nínú B6, kí ẹ sì lo òpó C fún ìsọdọṣẹ pẹ̀lú 60%. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí àyè kankan nínú fọ́múlà yìí fún ìdá tí àṣẹ́kù ìbẹ̀rẹ̀ wà. Bí ẹ bá rí i tí ẹnì kan fi í sí i, kì í ṣe ìpíndọ́gba oníwọ̀n ló ń ṣe mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ pín owó náà fún ọṣẹ tó parí àti ọṣẹ tó kù

Ọṣẹ 9,000 tó parí, ní ₦440 lọ́kọ̀ọ̀kan, gba ₦3,960,000. Ìyẹn ló kúrò nínú iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ lọ sí yàrá ìkẹ́rùsí.

Fún àṣẹ́kù ìparí, ẹ má ṣe fi ₦440 lù ú, torí ìsọdọṣẹ rẹ̀ kò tíì pé. Èròjà rẹ̀ jẹ́ 3,000 lọ́nà ₦310, ìyẹn ₦930,000. Ìsọdọṣẹ rẹ̀ jẹ́ 1,800 lọ́nà ₦130, ìyẹn ₦234,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦1,164,000.

| | Èròjà | Ìsọdọṣẹ | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| Ọṣẹ tó parí | ₦2,790,000 | ₦1,170,000 | ₦3,960,000 |
| Àṣẹ́kù ìparí | ₦930,000 | ₦234,000 | ₦1,164,000 |
| Gbogbo rẹ̀ | ₦3,720,000 | ₦1,404,000 | ₦5,124,000 |

Ó padà sí ₦5,124,000 tí a fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Kò sí náírà kan tó sọnù, kò sì sí èyí tó yọjú láti ibi tí a kò mọ̀.

Ohun tí ìlà yẹn lè fi hàn yín, àti ohun tí kò lè fi hàn

Ẹ jẹ́ ká mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bó ṣe ń bàjẹ́, torí pé bí ẹ bá ti rí àmì àṣìṣe kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó dá a mọ̀ níbikíbi.

Ká sọ pé ẹnì kan kó owó àṣẹ́kù ìbẹ̀rẹ̀ wọlé bí a ti ṣe, ṣùgbọ́n ó yọ iṣẹ́ oṣù Kẹjọ kúrò nínú ẹ̀yọ ìdọ́gba nítorí ó rò pé ohun tó tọ́ nìyẹn. Ẹ̀yọ ìdọ́gba èròjà rẹ̀ á di 10,000. Ti ìsọdọṣẹ náà á di 10,000, torí yóò yọ 800 kúrò nínú 10,800. Èròjà á wá jẹ́ ₦372 fún ègé kan, ìsọdọṣẹ á jẹ́ ₦140.40. Bó bá fi pín owó fún 9,000 tó parí àti 3,000 tó kù, ₦5,980,320 ni yóò pín. Ṣùgbọ́n ₦5,124,000 péré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti pín ₦856,320 tí kò sí níbì kankan. Bí ohun tí ẹ pín bá ju ohun tó wà lọ, ibi tí ẹ ó kọ́kọ́ wò nìyí: owó wọlé, iṣẹ́ rẹ̀ kò wọlé.

Òdìkejì rẹ̀ ni kí ẹnì kan ka ẹ̀yọ ìdọ́gba bó ṣe yẹ, kó wá gbàgbé owó àṣẹ́kù ìbẹ̀rẹ̀. ₦4,468,000 péré ni yóò pín, ₦656,000 á sì wà nílẹ̀ láìní ibi tó ń lọ. Iye tó sọnù á bá owó àṣẹ́kù ìbẹ̀rẹ̀ mu geere, nítorí náà kì í ṣòro láti mọ̀.

Àwọn méjì yìí ń kígbe fúnra wọn. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn tí kì í kígbe. Ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi, mo gbé àṣẹ́kù ìbẹ̀rẹ̀ wọlé ní odidi, mo sì kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ èròjà, torí pé iye kan ṣoṣo ni mo rí nínú léjà. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ níhìn-ín, èròjà á di ₦3,816,000, ₦318 fún ẹ̀yọ kan. Ìsọdọṣẹ á ku ₦1,308,000, nǹkan bí ₦121.11 fún ẹ̀yọ kan. Ọṣẹ tó parí á gba ₦3,952,000, àṣẹ́kù ìparí á gba ₦1,172,000. Ẹ rò ó pọ̀: ₦5,124,000. Ó bára mu pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́. ₦8,000 ti fi ibi tó yẹ kó wà sílẹ̀, ìlà tí a fà kò sì sọ nǹkan kan.

Àṣìṣe ìdá 80 lórí pẹpẹ náà rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá ka 3,000 yẹn sí ìdá 80, ẹ̀yọ ìdọ́gba ìsọdọṣẹ á di 11,400, owó ẹ̀yọ kan á wá sílẹ̀ sí ₦123.16. Owó ìsọdọṣẹ tó lọ sára ọṣẹ tó parí á di ₦1,108,421 dípò ₦1,170,000. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦61,579. Bí wọ́n bá ta gbogbo 9,000 yẹn lóṣù kan náà, èrè oṣù náà á fi ₦61,579 ga ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo àpapọ̀ á sì tún bára mu. Bí ẹnì kan bá fẹ́ kí èrè oṣù kan dára lójú, ìdá àṣẹ́kù ìparí ni ibi tó rọrùn jù láti fọwọ́ kàn. Ìdí nìyí tí mo fi ń fẹ́ kí alábòójútó iṣẹ́ kọ ìpele tí ọṣẹ wà sílẹ̀, “nínú àpótí”, “lórí pẹpẹ”, “ó kù ká wé e”, kí akọ̀wé owó wá fi ìdá tí a ti fẹnu kò lé lórí sí ìpele kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ìdá láti orí ara rẹ̀.

Náílọ́ọ̀nù àti ọṣẹ tó fọ́

Náílọ́ọ̀nù kì í wọlé títí di ìgbẹ̀yìn, nítorí náà oríṣi owó kẹta ni, ó ní òpó tirẹ̀. Wọ́n ná ₦198,000 sórí rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Kò sí ègé àṣẹ́kù ìparí kankan tó ti gbà á, nítorí náà 9,000 ni ẹ̀yọ ìdọ́gba rẹ̀, ₦22 fún ègé kan. Àṣẹ́kù ìbẹ̀rẹ̀ náà kò gbé owó náílọ́ọ̀nù wá. Ègé ọṣẹ kan tó ti wà nínú páálí wá jẹ́ ₦462. Bí ẹ bá da owó yìí pọ̀ mọ́ ti èròjà tó wọlé lọ́jọ́ kìíní, ọṣẹ tó wà lórí pẹpẹ á máa ru owó náílọ́ọ̀nù tí kò tíì fojú kàn.

Ní ti fífọ́, mo ti fi í sílẹ̀ kí ọ̀nà lè mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gé ọṣẹ tí díẹ̀ kì í fọ́. Bí 200 bá fọ́ nígbà gígé, tí ìyẹn sì wà nínú iye tí a ti ń retí, tí a kò rí nǹkan kan tà lára rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú iye ègé: 9,000 parí, 2,800 wà lórí pẹpẹ, 200 fọ́. Àmọ́ ẹ má fún un ní ẹ̀yọ ìdọ́gba. Èròjà á jẹ́ ₦3,720,000 tí a fi 11,800 pín, nǹkan bí ₦315.25, àwọn ègé tó dára ló sì ru owó èyí tó fọ́. Níhìn-ín, ó tọ́ kí ọṣẹ orí pẹpẹ bá wọn ru ú, torí pé òun náà ti kọjá gígé. Bí ó bá jẹ́ nígbà títẹ òǹtẹ̀ ni wọ́n fọ́, kò ní tọ́ bẹ́ẹ̀, ti ọṣẹ tó parí nìkan ni ẹrù náà. Èyí tó bá sì fọ́ ju iye tí a ń retí lọ gba ẹ̀yọ ìdọ́gba tirẹ̀, owó rẹ̀ á sì lọ tààrà sí àkáǹtì àdánù, kí ọṣẹ tó dára má bàa ru àìbìkítà.

Ìgbà tí ìpíndọ́gba máa ń bo nǹkan mọ́lẹ̀

Ìyá tó ni ilé iṣẹ́ náà wo ìwé mi, ó ní, “Akáńtì, àdín tí mo rà lóṣù yìí gbówó lórí. Kí ló dé tí ₦310 ni o kọ fún èròjà?”

Mo ní, “Òótọ́ ni, mà. Ti oṣù yìí nìkan jẹ́ ₦316. Ti oṣù tó kọjá tí a bá nílẹ̀ jẹ́ ₦280. A ti da méjèèjì pọ̀ ni.”

Ó ní, “Nítorí náà bí mo bá fi ₦310 dá iye tí màá tà á fún àwọn ará Òkè-Àrín, owó àdín tí màá tún rà kò ní pé.”

Òun ló gba ọ̀rọ̀. Ìpíndọ́gba oníwọ̀n dára fún ìwé ọdún, ìlànà ìṣirò àgbáyé IAS 2 sì fàyè gbà á bó ṣe fàyè gba ọ̀nà àkọ́wọlé-àkọ́jáde, tó ń ya owó oṣù méjèèjì sọ́tọ̀. Bí a bá ṣe é ní àkọ́wọlé-àkọ́jáde, ẹ̀yọ ìdọ́gba oṣù Kẹsàn-án nìkan ni a óò kà, 10,000 fún oríṣi owó méjèèjì. Níbẹ̀ gan-an ni ìdá 40 ti wúlò. Èròjà á jẹ́ ₦316, ìsọdọṣẹ ₦130.80. Ọṣẹ tó parí á gba ₦3,940,560, àṣẹ́kù ìparí ₦1,183,440. Ìyàtọ̀ láàárín ọ̀nà méjèèjì kò ju ₦19,440 lọ nínú mílíọ̀nù márùn-ún ó lé, torí pé àṣẹ́kù ìbẹ̀rẹ̀ kéré sí iṣẹ́ oṣù náà. Bí àṣẹ́kù bá tóbi, tí owó àdín sì ń fò sókè lóṣooṣù, ìyàtọ̀ náà á gbilẹ̀. Mo máa ń kọ ₦316 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ₦310 fún màmá báyìí: ₦310 wà fún ìwé, ₦316 wà fún dídá iye títà.

Kí ẹ tó pa ìwé dé

Ohun kan ṣì kù tí ẹni tó ti rẹ̀ lóru ìparí oṣù máa ń fò. ₦1,164,000 àṣẹ́kù ìparí yìí ni àṣẹ́kù ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá. Bí ẹ bá kọ iye kan ṣoṣo yẹn sínú léjà, ẹni tó máa ṣe oṣù Kẹwàá á bọ́ sínú kòtò tí mo bọ́ sí. Ẹ kọ ọ́ báyìí: 3,000 ègé, lórí pẹpẹ, èròjà ₦930,000, ìsọdọṣẹ ₦234,000, náílọ́ọ̀nù òfo.

Bí ẹ bá sì gba ìwé tí wọn kò yà sọ́tọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ padà sí owó ẹ̀yọ kan ti oṣù tó ṣáájú kí ẹ fi tú u. Fún àṣẹ́kù oṣù Kẹjọ, èròjà jẹ́ ₦280 lọ́nà 2,000, ìyẹn ₦560,000. Ìsọdọṣẹ jẹ́ ₦120 lọ́nà 800, torí ìdá 40 nínú 2,000 jẹ́ 800, ìyẹn ₦96,000. Nínú ọ̀nà ìpíndọ́gba oníwọ̀n, ibi kan ṣoṣo tí ìdá 40 yẹn ti lè bá wa ṣiṣẹ́ nìyí.